Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Sẹ́nu Ìjọ

Ẹ wo ẹ̀yìn mọ́tò, ẹ wo káàdì ọjọ́ ìbí, ẹ wo ògiri ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí Jóòbù 8:7. Ẹsẹ yẹn ló ń fi ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ́kàn balẹ̀ pé òkè ló máa parí ìrìn rẹ̀ sí. Ó dùn-ún gbọ́, ó sì dùn-ún ṣe àmín sí. Ṣùgbọ́n ta ló sọ ọ́? Bílídádì ará Ṣúà ni, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó wá bá Jóòbù jókòó nígbà ìpọ́njú. Jóòbù ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ọmọ mẹ́wàá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹsẹ mẹ́ta péré ṣáájú ìlérí yẹn, Bílídádì yìí kan náà ló ń dọ́gbọ́n sọ fún un pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọmọ náà ló pa wọ́n. Ní orí 42, ẹsẹ 7, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sọ pé inú òun kò dùn sí i àti sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, torí pé ohun tí wọ́n sọ nípa òun kò tọ́.

Ẹni tó lẹ ẹsẹ yẹn mọ́ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ti ẹni tó fẹ́ fi í sínú kíkà àti ìdáhùn ọjọ́ Ìsinmi ló le. Kíkà àti ìdáhùn ni apá ìsìn tí olùdarí ti ń ka ẹsẹ kan, tí gbogbo ìjọ á dìde dúró, tí wọ́n á sì jọ fi ohùn kan ka èyí tó tẹ̀ lé e. Nínú ìwàásù, pásítọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ẹni tí kò bá gbà lè dákẹ́. Níbi kíkà àti ìdáhùn, ẹni tó ṣètò rẹ̀ ti gba ẹnu ẹgbẹ̀rún ènìyàn, ó sì ti fi ọ̀rọ̀ sí i. Ohun tó bá fi sí i ni wọ́n máa sọ fún Ọlọ́run, tàbí fún ara wọn, láìtíì rò ó.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ṣáájú nínú iṣẹ́ yìí ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Wọ́n á gbọ́ àkòrí ìwàásù, wọ́n á wá àwọn ẹsẹ tí ọ̀rọ̀ inú àkòrí náà wà nínú wọn, wọ́n á tò wọ́n léra, wọ́n á kọ Olùdarí sí èyí tó ṣáájú àti Ìjọ sí èyí tó tẹ̀ lé e, ó parí. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé: ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ẹsẹ yìí, ta ló ń bá wí, ǹjẹ́ ìjọ wa lè fi ẹnu ara wọn sọ ọ́?

Àṣà náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Nínú Diutarónómì 27, àwọn ọmọ Léfì ń kéde pẹ̀lú ohùn rara, gbogbo ènìyàn sì ń dáhùn àmín, ìgbà méjìlá gbáko. Sáàmù 136 ní ẹsẹ 26, ìlà kan náà ló sì parí gbogbo wọn, ó hàn gbangba pé ẹnìkan ló ń lé tí àwọn yòókù ń gbè. Nílẹ̀ wa níbí, kò sí ẹni tó nílò àlàyé lórí lílé àti ègbè. Bí ìjọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe é ló yàtọ̀. Àwọn Àgùdà máa ń fún ìjọ ní gbólóhùn kan ṣoṣo tí wọ́n á máa tún sọ láàárín Sáàmù. Ìwé Àdúrà àwọn Áńgílíkà pín Sáàmù 150 sí ọgbọ̀n ọjọ́, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, kì í dúró de àkòrí ẹnikẹ́ni. Láàárín àwọn Onítẹ̀bọmi àti ọ̀pọ̀ ìjọ mìíràn tí pásítọ̀ ti ń mú àkòrí fúnra rẹ̀, ẹnìkan ní láti jókòó kó sì wá ẹsẹ tó bá a mu. Iṣẹ́ ẹni yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwàásù kan. Pásítọ̀ sọ pé Mátíù 18:21-35 lòun máa wàásù lé lórí, ìtàn ìránṣẹ́ tí ọba dárí gbèsè ẹgbàárùn-ún tálẹ́ńtì jì, tó jáde síta, tó sì fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rùn nítorí ọgọ́rùn-ún dènárì. Dènárì kan ni owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe nígbà náà. Gbèsè kejì yìí tó nǹkan, owó oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èyí àkọ́kọ́ kò ṣeé san láyé àti lọ́run. Àkòrí tí pásítọ̀ kọ sínú ìwé ni “Ìdáríjì”.

Ọ̀rọ̀ kan yẹn kò tó láti fi ṣiṣẹ́. Ìdáríjì wo? Èyí tí a ń gbà ni àbí èyí tí a ń fún ẹlòmíràn? Ìwàásù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹsẹ wọn kò sì papọ̀. Nítorí náà, ẹ lọ bá pásítọ̀, ẹ ní kó sọ ohun tó fẹ́ kí ìjọ gbé lọ sílé ní gbólóhùn kan. Bó bá sọ pé, “Ẹni tí a dárí gbèsè ńlá jì kò gbọdọ̀ há gbèsè kékeré mọ́ra,” ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá. Ó ní ìdajì méjì: ohun tí Ọlọ́run ṣe fún wa, àti ohun tó di dandan fún wa láti ṣe fún ẹlẹgbẹ́ wa. Kíkà tó bá kún fún ìdajì àkọ́kọ́ nìkan máa dùn létí, ṣùgbọ́n kò ní kan ìwàásù náà rárá. Èyí tó bá kún fún ìdajì kejì nìkan máa dà bí ìbáwí. Àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, èyí àkọ́kọ́ ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ìgbà náà ni kí ẹ tó ṣí kọnkọ́dáǹsì, ìwé tó ń tọ́ka ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú Bíbélì, tàbí kí ẹ wá ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù. Ẹ ó rí i pé ohun tó máa jáde kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ó máa mú Jóṣúà 24:19 wá, níbi tí Jóṣúà ti ń sọ fún Ísírẹ́lì pé Ọlọ́run kò ní dárí jì wọ́n. Ó máa mú Máàkù 3:29 wá, ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní ìdáríjì. Ọ̀rọ̀ tí ẹ wá ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ ló dojú kọ ibòmíràn. Èyí tó burú jù ni àwọn ẹsẹ tí kò ní jáde. Sáàmù 103:12, tó sọ bí ẹ̀ṣẹ̀ wa ṣe jìnnà sí wa tó, kò dárúkọ ìdáríjì. Jẹ́nẹ́sísì 50, níbi tí Jósẹ́fù ti ń sunkún níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n tó tà á sóko ẹrú, àwọn ẹ̀gbọ́n náà ló ń tọrọ ìdáríjì. Ẹsẹ tí Jósẹ́fù ti fún wọn lésì kò dárúkọ rẹ̀ rárá. Lórí fóònù, ìṣòro mìíràn tún wà: bí ẹ bá tẹ “dáríjì” pọ̀ bí ọ̀rọ̀ kan, gbogbo ibi tí wọ́n ti ki “ẹ̀ṣẹ̀” tàbí “gbèsè” sáàárín “dárí” àti “jì” ló máa fò yín ru. Ẹ wá “dárí” nìkan, kí ẹ sì fi ojú ara yín ṣà á.

Ọ̀nà tó sàn jù ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀kọ́ tí pásítọ̀ fẹ́ wàásù lé, kí ẹ tẹ̀ lé àwọn ìtọ́kasí kéékèèké tó wà létí ojú ìwé Bíbélì. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo ètò ẹ̀kọ́ kíkà ọlọ́dún mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì jọ ń lò, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1992. Bí ìjọ yín kò tilẹ̀ tẹ̀ lé e, ó wúlò, torí àwọn tó mọṣẹ́ ló ti jókòó ronú lórí ẹsẹ tó bá ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan mu. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó bá bọ́ sí àárín ọjọ́ 11 sí 17 oṣù kẹsàn-án, ní ọdún àkọ́kọ́ ètò náà, Mátíù 18:21-35 ni Ìhìnrere ọjọ́ yẹn. Wọ́n fi Jẹ́nẹ́sísì 50:15-21 tì í, wọ́n sì mú Sáàmù 103. Àwọn Àgùdà náà mú Sáàmù 103 fún Ìhìnrere kan náà, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ kan láti inú ìwé Sírákì, tí kò sí nínú Bíbélì àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì. Nígbà tí ètò méjì bá pàdé lórí Sáàmù kan báyìí, ó yẹ kí ẹ fura pé ẹ̀yin náà kò gbọdọ̀ fò ó.

Ẹ ó ní ẹsẹ tó pọ̀ lọ́wọ́ báyìí. Ẹ kọ gbogbo wọn sílẹ̀, ẹ má tíì ṣà. Tèmi ní: Sáàmù 32, Sáàmù 103:8-14, Sáàmù 130, Míkà 7:18-19, Jẹ́nẹ́sísì 50:15-21, Mátíù 6:12-15, Éfésù 4:31-32, Kólósè 3:12-14.

Èyí àkọ́kọ́ tí mo yọ kúrò ni Jẹ́nẹ́sísì 50. Kò sí ẹsẹ tó bá àkòrí mu jù ú lọ, ṣùgbọ́n ìtàn ni. Ìtàn kì í gba pípín: bí olùdarí bá ka pé àwọn ẹ̀gbọ́n Jósẹ́fù ń bẹ̀rù, tí ìjọ sì fi ohùn rara dáhùn pé wọ́n ránṣẹ́ sí Jósẹ́fù, ta ni ìjọ ń bá sọ̀rọ̀? Kò sí. Ìtàn fẹ́ kí ẹnìkan kà á kí àwọn yòókù gbọ́. Mo fà á lé ẹni tó máa ka ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Fún kíkà àti ìdáhùn, Sáàmù, àdúrà, ọ̀rọ̀ wòlíì àti ìwé àwọn àpọ́sítélì ló ń gba ẹnu méjì.

Sáàmù 32 le díẹ̀. Nínú ẹsẹ mọ́kànlá péré, ohùn ń yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbùkún lórí ẹni tí a dárí jì. Láti ẹsẹ 3, ènìyàn kan ń jẹ́wọ́ bí àìjẹ́wọ́ ṣe jẹ egungun rẹ̀. Nígbà tó bá di ẹsẹ 8, ohùn tó ń ṣèlérí láti tọ́ ènìyàn sọ́nà ló kù, ọ̀pọ̀ ló sì gbà pé Ọlọ́run ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí a bá pín in ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìwò, tí olùdarí bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 1, ẹsẹ 8 á bọ́ sí ìjọ lọ́wọ́. Wọ́n á wá máa sọ fún olùdarí, tàbí fún Ọlọ́run, pé àwọn lè fojú tọ́ ọ sọ́nà. Irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnikẹ́ni kì í sì í rẹ́rìn-ín, torí pé a ti mọ́ra láti máa ka ohun tí wọ́n bá tẹ̀ síwájú wa. Ìlànà tí mo ń lò nìyí: níbi tí Ọlọ́run bá ti ń sọ̀rọ̀ pé “Èmi”, olùdarí ló ni ín. Níbi tí ẹ̀dá bá ti ń sọ pé “èmi” tàbí “àwa”, ìjọ ló ni ín. Ọ̀rọ̀ ọ̀tá àti ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ Jóòbù kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ẹ wá wo Sáàmù 103 fínnífínní, torí ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí ẹ rí i bí pípín ẹsẹ ṣe lè ba kíkà jẹ́. Ẹsẹ 8 àti 9 ń sọ ìwà Ọlọ́run: pé aláàánú ni, kì í tètè bínú, kì í sì í di ẹnìkan sínú títí láé. Ẹsẹ 10 sọ pé kò san ẹ̀san ẹ̀ṣẹ̀ wa fún wa. Ẹsẹ 11 fi gíga ọ̀run díwọ̀n àánú rẹ̀ fún àwọn tó bẹ̀rù rẹ̀. Ẹsẹ 12 gbé ìrékọjá wa lọ jìnnà réré, bí ìlà oòrùn ṣe jìnnà sí ìwọ̀ oòrùn. Ẹsẹ 13 sọ̀rọ̀ bàbá tó ń ṣàánú ọmọ, ó tún dárúkọ àwọn tó bẹ̀rù rẹ̀. Ẹsẹ 14 padà sọ́dọ̀ wa: ó mọ ohun tí a fi mọ wá, ó rántí pé erùpẹ̀ ni wá.

Bí olùdarí bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 8 tí a sì ń pín in ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ 9, 11 àti 13 ló máa jẹ́ ti ìjọ. Ẹ tún un wò. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí “wa” kankan. Ìjọ á máa sọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti àwọn kan tó bẹ̀rù rẹ̀, olùdarí nìkan ló sì máa jẹ́wọ́ pé a dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún olùdarí ní ẹsẹ 8 àti 9 pa pọ̀, gbogbo nǹkan á yí padà. Ìjọ á gba 10, 12 àti 14, àwọn ẹsẹ “wa” mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gan-an. Olùdarí á máa kéde irú ẹni tí Ọlọ́run jẹ́, ìjọ á máa sọ ohun tó ti ṣe fún wọn. Ẹsẹ méje yẹn náà ni, kò sí èyí tí a fi kún tàbí yọ. Sísún ẹsẹ kan ṣoṣo ló sọ ọ́ di kíkà tó ní ìdáhùn nínú ní tòótọ́.

Míkà 7:18-19 kò gbé mi lọ́kàn mọ́ lẹ́yìn èyí. Ó ń gbé ẹ̀ṣẹ̀ jù sínú ibú òkun, Sáàmù 103 sì ti gbé e jìnnà bí ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Àwòrán méjì fún iṣẹ́ kan náà ń mú kíkà gùn, kì í jẹ́ kó jinlẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Éfésù 4 àti Kólósè 3 náà ń sọ ohun kan náà: ẹ máa dárí ji ara yín gẹ́gẹ́ bí a ti dárí jì yín. Kólósè ni mo mú, torí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bí a ṣe jẹ́ àyànfẹ́ kó tó pàṣẹ, ìyẹn sì bá gbólóhùn pásítọ̀ mu.

Bí mo ṣe tò ó nìyí. Sáàmù 130 ni mo fi ṣílẹ̀kùn: olùdarí ka ẹsẹ 3, tó ń bi Olúwa pé ta ló lè dúró bó bá ń ka ẹ̀ṣẹ̀ síni lọ́rùn, ìjọ dáhùn pẹ̀lú ẹsẹ 4, pé ìdáríjì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè àti èsì tí Bíbélì fúnra rẹ̀ ti ṣètò rẹ̀ ni. Sáàmù 103 tẹ̀ lé e bí mo ṣe pín in lókè: 8 àti 9 fún olùdarí, 10 fún ìjọ, 11 fún olùdarí, 12 fún ìjọ, 13 fún olùdarí, 14 fún ìjọ. Ibẹ̀ ni ìdajì àkọ́kọ́ parí sí.

Kólósè 3:12-13 ni ìkóríta. Ẹsẹ 13 gùn, ìjọ ńlá kò sì lè fi èémí kan kà á tán. Ó ní ibi ìdánudúró láàárín: apá àkọ́kọ́ ní ká máa fara da ara wa, ká sì máa dárí ji ẹni tí a bá ní ẹ̀sùn sí, apá kejì ní gẹ́gẹ́ bí Kírísítì ti ṣe fún wa ni ká ṣe. Mo fún olùdarí ní ẹsẹ 12 àti apá àkọ́kọ́ ẹsẹ 13. Ìjọ gba apá kejì. Báyìí, gbólóhùn tí pásítọ̀ fẹ́ wàásù lé lórí gan-an ni ìjọ máa fi ẹnu ara wọn sọ ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú kó tó gun pẹpẹ. Gígé ẹsẹ sí méjì kò burú bó bá jẹ́ ibi tí àmì ìdánudúró ti wà, tí apá kọ̀ọ̀kan sì lè dá dúró. Ẹni tó bá gé e níbi tí ìtumọ̀ ò tíì pé ti ba Ìwé Mímọ́ jẹ́ nìyẹn.

Ẹnìkan lè sọ pé “yín” ló wà nínú Kólósè, pé ká yí i sí “wa” kó lè dùn lẹ́nu ìjọ. Èmi kì í yí i. Pọ́ọ̀lù ń bá ìjọ sọ̀rọ̀, ìjọ sì lè bá ara wọn sọ ọ́: ẹni tó wà nínú àga kan ń sọ fún ẹni tó wà níwájú rẹ̀ pé bí Kírísítì ti dárí jì yín, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì tí wọn ò kí ara wọn láti Kérésìmesì lè wà láàárín wọn. Bí ẹ bá yí ọ̀rọ̀ kan padà, ẹ má tún kọ orí àti ẹsẹ sábẹ́ rẹ̀ mọ́, torí kì í ṣe ohun tí ibẹ̀ sọ mọ́.

Mátíù 6 ló gbẹ̀yìn. Ẹsẹ 14 àti 15 ni ìkìlọ̀ Jésù pé bí a kò bá dárí ji ènìyàn, Baba kò ní dárí jì wá. Ẹsẹ 12 jẹ́ ẹ̀bẹ̀ inú Àdúrà Olúwa tí gbogbo ọmọ ìjọ mọ̀ lórí. Mo fi 14 àti 15 ṣáájú, olùdarí ló kà wọ́n, torí Jésù ló ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wa, olùdarí àti ìjọ, jọ gba ẹsẹ 12 gẹ́gẹ́ bí àdúrà. Àwọn pásítọ̀ kan kì í fẹ́ kí a fi ẹsẹ tó wà lẹ́yìn ṣáájú èyí tó wà níwájú, mo sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Níbi yìí, ìtumọ̀ kò yẹ̀. Ṣe ni ìkìlọ̀ náà jẹ́ kí ìjọ mọ ohun tí wọ́n ń tọrọ kí wọ́n tó tọrọ rẹ̀. Bí pásítọ̀ yín bá kọ̀, ẹ tò ó bó ṣe wà, kí ẹ fi ẹsẹ 12 fún ìjọ kí olùdarí sì fi 14 àti 15 parí.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ 14, ìdáhùn mẹ́fà. Kò ní ju ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ lọ. Ẹ ó rí i pé ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ yí padà láàárín kíkà náà: a bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nínú Sáàmù 130, a sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú Sáàmù 103, a bá ara wa sọ̀rọ̀ nínú Kólósè, a sì padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ìyẹn kò ṣèdíwọ́ bó bá jẹ́ ibi tí a ti fi ìwé kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn ló ti ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ àárín olùdarí àti ìdáhùn rẹ̀ ló ti yí, tí olùdarí ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ tí ìjọ sì ń dáhùn nípa rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, ó máa dún bí ìgbà tí èsì kò bá ìbéèrè mu.

Mo tún kíyè sí i pé n kò fi ìtàn ìránṣẹ́ náà sínú rẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí pásítọ̀ fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Bí ìjọ bá ti ka ìdájọ́ ọba náà tán, kí ló kù tó máa jọ wọ́n lójú?

Ó ku bí a ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Bíbélì tí ìjọ ń mú wá sílé ìsìn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn àgbà mú èyí tó ti ọwọ́ Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ wá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Àwọn ọ̀dọ́ ń ka Yorùbá Òde Òní lórí fóònù. Bí ẹ bá kàn kéde orí àti ẹsẹ, ohùn máa takọ tabo láti ìlà àkọ́kọ́. Ẹ mú ìtumọ̀ kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò ìsìn tàbí kí ẹ gbé e sójú pùròjẹ́tọ̀, ẹ má sì pa ìtumọ̀ méjì pọ̀ nínú kíkà kan. Ẹ fi àmì ohùn sí i. Ẹnìkan tó ń dá kàwé lè dúró ronú bóyá “ọkọ” ni àbí “ọkọ́”. Ìjọ tó ń kà pọ̀ kò ní àyè yẹn, ìdajì á sọ̀kan, ìdajì á sọ èkejì. Ẹ gbé e sójú pùròjẹ́tọ̀ ní ọjọ́ Sátidé kí ẹ wò ó, torí àwọn lẹ́tà kan kì í gbé “ẹ” àti “ọ” tó ní àmì lórí, àpótí òfìfo ni wọ́n máa ń fi rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dìde dúró kí ẹ ka ìlà ìjọ sókè, bí ìjọ ṣe máa kà á, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibi tí èémí yín bá ti tán ni kí ẹ ti já ìlà náà sí ìsàlẹ̀. Sáàmù 103:12, bí àpẹẹrẹ, máa ń já síbi tí ìfiwéra ti parí, kó tó kan ọ̀rọ̀ ìrékọjá. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ tẹ́tí sí i. Bí ohùn ìjọ bá ń rẹlẹ̀ bí ìlà ṣe ń lọ sópin, ìlà náà ti gùn jù. Bó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ló ń ta kókó, olùdarí ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ti parí tirẹ̀.

Ìjọ kan sì wà tí gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa títẹ̀ yìí kò ní wúlò fún, ìjọ tí àwọn ìyá àti bàbá tí kò mọ̀wé kà pọ̀ nínú rẹ̀. Níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dúró bí ẹni tó wá wòran. Ẹ mú ẹsẹ kan tó kúrú, Sáàmù 130:4 nínú àpẹẹrẹ wa yìí, ẹ kọ́ wọn kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi í gbè lẹ́yìn gbogbo ohun tí olùdarí bá kà. Sáàmù 107 náà bá irú èyí mu fún ọjọ́ ìdúpẹ́: ìpè kan náà láti yin Olúwa padà wá ní ẹsẹ 8, 15, 21 àti 31, lẹ́yìn ìtàn àwọn tó sọnù ní aginjù, àwọn ẹlẹ́wọ̀n, àwọn aláìsàn àti àwọn atukọ̀. Olùdarí á sọ wàhálà kọ̀ọ̀kan, ìjọ á sì máa gba ẹsẹ kan yẹn títí.

Bí ẹ bá ti parí, ẹ kọ ọjọ́, àkòrí àti gbogbo ẹsẹ tí ẹ lò sínú ìwé kan tí kò ní kúrò ní ọ́fíìsì ìjọ. Sáàmù 103 bá àkòrí tó pọ̀ mu débi pé bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ìjọ yín á máa kà á lóṣooṣù.